Ìdákẹ́ Tí Ó Tẹ̀lé Ìbéèrè Olùkọ́
Ní ọdún 1974, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde ohun tí ó rí nínú ohùn kíláàsì tí a gbà sílẹ̀: bí olùkọ́ bá bèèrè ọ̀rọ̀ tán, ìdúró rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú-àáyá 1 lọ kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdúró náà di 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ìdákẹ́ yìí ni ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ fi aago wọ̀n nínú fídíò. Kí wọ́n ya ìjókòó ọmọ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pẹ̀lú, kí wọ́n sì fi àmì sí ti ẹni tí ó bá dáhùn. Ariwo tí gbogbo kíláàsì jùmọ̀ pa kò gbọdọ̀ ní àmì. Bí olùkọ́ bá ní, “Ṣé ó yé yín?”, tí gbogbo wọn sì hó pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà!”, a kò tíì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Bí ìbéèrè bá jẹ́ 30, tí àmì 24 sì wà ní ìjókòó iwájú, olùkọ́ náà yóò fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tí ó gbàgbé.

Ṣùgbọ́n fídíò ọjọ́ kìíní kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ẹ̀rọ ni àwọn ọmọ yóò máa wò.