Ẹ jẹ́ ká mọ̀: báwo ni afowódókòwò ṣe ń fún òwò tuntun ní máàkì?

Ká ní ọ̀dọ́ kan tó jáde ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe gààrí, kó máa tà á ní Kútọnù. Nínú 100, a lè fún àwọn èèyàn tó kó jọ ní 30, ọjà 25, ohun tó ti tà 25, ìṣirò owó 20. Bill Payne, afowódókòwò ará Amẹ́ríkà, náà fún àwọn èèyàn ní 30 nínú ìlànà tirẹ̀.

“Ta ni kì í jẹ gààrí?” kò lè gba máàkì púpọ̀ lórí ọjà. Ìyìn ẹbí àti ọ̀rẹ́ kì í sì í ṣe títà. Oníbàárà tó sanwó, tó tún padà wá rà, la ń wá nínú ìwé rẹ̀.

Ìṣirò owó ló ń tú àṣírí. Ọ̀dọ́ náà ní òun á máa ta tọ́ọ̀nù gààrí 15 lóṣù. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń rin tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan lójúmọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 25. Kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù sábà máa ń di nǹkan bíi kílò 20 sí 25 gààrí. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù 5 sí 6 ló máa rí. Níbo ni ìyókù á ti wá? Èmi á fún un ní 5 péré nínú 20. Tó bá tún un ṣe, tó sì fi owó ẹ̀gẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sí i, mo lè gbé e dé 14.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bá olówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo agbára ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ tó kọ iye tẹ́ ẹ máa tà.