Ọ̀gá Ló Bú u, Agbálẹ̀ Ló Jìyà

Nípàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá bá olùṣírò owó kan wí lójú gbogbo èèyàn nítorí pé ìwé owó oṣù pẹ́. Ẹ̀ka tó ń tajà ni kò tètè kó rìsíìtì wá, àmọ́ olùṣírò owó ò lè já ọ̀gá lẹ́nu. "Ẹ má bínú, sà," ló wí. Bó ṣe jáde síta ló rí omi díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ló bá jágbe mọ́ ìyá tó ń gbálẹ̀: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣubú kú ni?"

Ọdún 1894 ni Sigmund Freud, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ọsitíríà, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa bí ọkàn ṣe máa ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó ń dùn ún. Ní 1936, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Anna, kó àwọn ọgbọ́n ìdáàbòbò náà jọ sínú ìwé kan. Ohun tí olùṣírò owó yìí ṣe, yíyí ìbínú sórí ẹlòmíràn, wà lára wọn.

Yorùbá ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìbínú tó yí ojú padà yìí mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ̀ pé ọ̀gá lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn tó fi wá ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan lọ. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ariwo bá ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ẹni tó kéré nípò ló ń gbà á.

Èkejì ni kéèyàn gbé ohun tó wà nínú tirẹ̀ ka ẹlòmíràn lórí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan ń jowú ọmọdébìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ já fáfá. Kò lè gbà fún ara rẹ̀ pé òun ń jowú. Kò pẹ́ tó fi ń sọ kiri pé, "Ọmọ yẹn ń jowú mi, ipò mi ló ń wá." Kò purọ́ o, ó dá a lójú bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bi í pé kí lọmọ náà ṣe gan-an, kò ní rí ju "mo kàn mọ̀" lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ló rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rí bá wà pé ẹnì kan ń ba iṣẹ́ ẹni jẹ́, òótọ́ ni. Nítorí náà, ara wa ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí inú bá ru yín níbi iṣẹ́, ẹ bi ara yín pé ta ló kọ́kọ́ bí mi nínú lónìí? Ẹni náà ni kẹ́ ẹ lọ bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá tutù. Bẹ́ ẹ bá sì ti jágbe mọ́ ìyá agbálẹ̀, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí.