Àmì Tó Ń Ṣẹ́jú Nínú Tòkunbọ̀, Tí Ìwé Rẹ̀ sì Wà Lédè Jámánì

Ìlú Jọ́ọ̀sì ni olùkọ́bìnrin kan ń gbé. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra Gọ́ọ̀fù 4 tó ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tó gba ọ̀nà Kútọnu wọlé láti ilẹ̀ Jámánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùn, táyà rẹ̀ dára, ìwé ọkọ̀ sì wà nínú àpótí iwájú. Àmọ́ èdè Jámánì ni gbogbo ìwé náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, bó ṣe ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, iná kékeré kan tó ní àwọ̀ ìyeyè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó dà bíi wáyà tí wọ́n ká lọ́lọ́, bíi sípíríǹgì tó dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ náà sì dà bíi pé kò lágbára mọ́ lórí òkè. Ẹni tó tà á fún wọn ní: “Ẹ má dààmú, mà. Iná òtútù ni. Jọ́ọ̀sì sì tutù.” Mẹkáníìkì ní kí wọ́n pààrọ̀ hítà plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ta ni kí wọ́n gbà gbọ́?

Kí wọ́n tó náwó, obìnrin náà pinnu láti kọ́kọ́ mọ ohun tí àmì náà ń sọ.

Ohun mẹ́ta tó yẹ kéèyàn kọ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ àmì tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 2575, òun ló sọ bí wọ́n ṣe máa ya wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àgé epo ẹ́ńjìnnì fi rí bákan náà nínú ọkọ̀ Jámánì àti ti Jàpáàn. Torí náà, èèyàn lè dá àmì mọ̀ láìgbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìwé, tó bá kíyè sí ohun mẹ́ta: bó ṣe rí, àwọ̀ rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe.

Àwọ̀ ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Tó bá pupa, kí awakọ̀ wá ibi tí kò léwu, kó sì dúró. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ohun kan ń fẹ́ àyẹ̀wò láìpẹ́. Àwọ̀ ewé àti búlúù kàn ń sọ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ ni, irú bí iná iwájú tó ga. Ohun tí àmì náà ń ṣe tún ṣe pàtàkì. Iná kan náà lè dúró gbọin láti sọ ohun kan, kó sì máa ṣẹ́jú láti sọ ohun mìíràn.

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: wáyà tó ká lọ́lọ́, àwọ̀ ìyeyè, ó ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ láì tíì ṣíná sí ẹ́ńjìnnì. Àmì náà yọ, ó dúró gbọin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì kú. Ìyẹn jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni iná náà ń ṣe.

Bó ṣe ka ìwé tí kò gbọ́ èdè rẹ̀

Kò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ó ń ṣí i títí tó fi rí orí tó kún fún àwòrán àwọn iná kéékèèké, tí wọ́n kọ Kontrollleuchten sí lókè. Ó wá àwòrán tó bá tirẹ̀ mu níbẹ̀, ó sì rí i. Ìwé atúmọ̀ èdè Jámánì kékeré tó wà níbi ìkówèésí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló fi wá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo gbólóhùn. Gelb ni àwọ̀ ìyeyè, rot ni pupa. Leuchtet túmọ̀ sí pé ó ń tàn, blinkt túmọ̀ sí pé ó ń ṣẹ́jú. Störung ni àbùkù, Werkstatt sì ni ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà yìí tó láti mọ̀ bóyá kéèyàn máa lọ tàbí kó dúró.

Ohun tó rí nìyí. Nígbà tí wáyà náà bá ń tàn gbọin kí ẹ́ńjìnnì tó ṣíná, hítà plọ́ọ̀gì ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná. Kí awakọ̀ dúró kó kú, kó tó ṣíná. Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Jọ́ọ̀sì, ó lè pẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ tó bá ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà, kò kan òtútù mọ́: kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ti rí àbùkù kan.

Ohun tí wọ́n rí nídìí pẹ́dà

Àmì sọ pé àbùkù wà, kò sọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìwé parí sí, tí iṣẹ́ rewáyà sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tó yọ lójú ẹ̀rọ náà ni P0571. Súìṣì pẹ́dà bíréèkì ni nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí.

Kí ló kan bíréèkì pẹ̀lú iná ẹ́ńjìnnì? Súìṣì kan wà lókè pẹ́dà náà, ó sì ní ojú méjì. Ọ̀kan ń tan iná ẹ̀yìn, èkejì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì, kí kọ̀ǹpútà lè dín epo kù. Tí ojú méjèèjì ò bá fẹnu kò, kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tó máa gbà gbọ́, ó sì máa ń mú kí wáyà náà ṣẹ́jú.

Rewáyà náà ní kí ọkọ obìnrin náà dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Obìnrin náà tẹ bíréèkì nígbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́rin ni iná ẹ̀yìn kò tàn rárá. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń gbé àwọn ọmọ rìn lójú títì, tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì mọ ìgbà tó ń dúró. Wọ́n pààrọ̀ súìṣì náà, rewáyà pa nọ́ńbà náà rẹ́, iná náà ò sì ṣẹ́jú mọ́. Wọn ò fọwọ́ kan hítà plọ́ọ̀gì kankan.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ súìṣì yìí. Àwọn àbùkù ẹ́ńjìnnì mìíràn lè mú kí wáyà náà ṣẹ́jú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n ka nọ́ńbà kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Àmọ́ yíyẹ iná ẹ̀yìn wò kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kó ṣáájú.

Tí ìwé ò bá sí rárá

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ò tiẹ̀ ní ìwé. Kí ẹni tó ni ín wá nọ́ńbà férémù, èyí tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Nínú ọkọ̀ tí Fọ́ksìwágìn ṣe ní Jámánì, WVW ló sábà máa ń ṣáájú. Ìkẹwàá nínú wọn ń sọ ọdún tí wọ́n kà á sí: Y jẹ́ 2000, 1 jẹ́ 2001, 2 jẹ́ 2002. Pẹ̀lú ìyẹn, èèyàn lè béèrè ìwé Gẹ̀ẹ́sì ti irú ọkọ̀ náà àti ọdún náà gan-an. Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa ya sítía sí, àmọ́ àwọn àmì inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Kó sì rí i dájú pé ti dísẹ́ẹ̀lì ni, torí ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù kò ní wáyà tó ká lọ́lọ́ yẹn rárá.

Ìwé Jámánì yẹn ṣì wà nínú àpótí iwájú Gọ́ọ̀fù náà. Obìnrin náà ti fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àmì pupa, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn yẹn ni kì í fúnni láyè láti wá ìwé atúmọ̀ èdè.