Bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ kékeré ní èdè rìmóòtù amúlétutù

Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì pé kí amúlétutù rẹ̀ kúrò ní 24 bọ́ sí 25 lè rò pé ohun tí rìmóòtù wí fún ẹ̀rọ ara ògiri ni pé "fi ẹyọ kan kún un." Bẹ́ẹ̀ ni ti tẹlifíṣọ̀n rí, ṣùgbọ́n ti amúlétutù yàtọ̀. Bọ́tìnnì yòówù kí a tẹ̀, rìmóòtù amúlétutù máa ń ka gbogbo ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kí ẹ̀rọ wà ní títàn, kó máa fẹ́ atẹ́gùn tútù, kó wà ní 25, kí fáànù máa sáré dáadáa. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í padà láàárín àwọn méjèèjì. Rìmóòtù ń sọ, ẹ̀rọ ń gbọ́, ẹ̀rọ kò sì ní ẹnu tó lè fi dáhùn. Bí rìmóòtù bá sọ pé "fi ẹyọ kan kún un," tí ẹnì kan sì kọjá láàárín wọn lásìkò náà, iye tó wà lójú rìmóòtù àti èyí tó wà nínú ẹ̀rọ kò ní bá ara wọn mu mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Olúpọ̀nnà, lẹ́bàá Ìwó, ṣe àpẹẹrẹ. IBEDC ló ń pín iná níbẹ̀, iná náà ń lọ, ó ń bọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ti gbé ínfátà àti bátìrì sílẹ̀, amúlétutù LG kan sì wà lára ògiri. Bí wọ́n bá mú iná lọ, amúlétutù kò mọ̀. Bátìrì ló ń jẹ, kílówáàtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí bátìrì tí ì bá gbé àwọn kọ̀ǹpútà dalẹ́ yóò fi tán láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tí oníṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ kò le: kí amúlétutù kú fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, kó tún tàn bí iná bá dé. Ó lè ní kí oníṣẹ́ iná gé wáyà rẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n pípa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lójijì lórí iṣẹ́ kò dára fún un, àwọn ẹ̀rọ mìíràn kì í sì í rántí ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé nígbà tí iná bá padà. Kí a bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló sàn jù. A kò ní tú u, a kò ní fọwọ́ kan wáyà rẹ̀.

Èdè náà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní infuráréèdì. Gílóòbù ẹ́lẹ́dì kékeré tó wà níwájú rìmóòtù ló ń tàn án. Kì í kàn tàn gbọ̀ọ̀rọ̀: bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á máa ṣẹ́jú ní bí ìgbà 38,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ̀rọ lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára oòrùn àti iná yàrá. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á tún ṣẹ́jú, á tún dákẹ́. Inú gígùn ìdákẹ́ yìí ni ìtumọ̀ wà. Ìdákẹ́ kúkúrú dúró fún òdo, èyí tó gùn tó bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ dúró fún ení.

Láti gbọ́ èdè yìí, a nílò maikirokọ́ńtírólà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gba iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe. ESP8266 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò torí pé kò wọ́n, ó sì ní wáífáì. A ó so etí kan mọ́ ọn, TSOP38238, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta: ẹsẹ̀ kan fún iná fóòtì 3.3, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀. Etí yìí ló ń ṣa ṣíṣẹ́jú ìgbà 38,000 náà kúrò, tí á sì fi gígùn ìró àti ìdákẹ́ nìkan lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Rìmóòtù tó ń kọ́ èdè rìmóòtù mìíràn kì í ṣe ohun tuntun. Steve Wozniak, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, ti gbé irú rẹ̀ tó pè ní CORE jáde ní ọdún 1987. Ohun tó yí padà ni pé láti ọdún 2009, tí Ken Shirriff ti fi àkójọ kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe é lórí tábìlì rẹ̀. Èyí tí a ń lò fún ESP8266, IRremoteESP8266, tún mọ èdè amúlétutù lóríṣiríṣi.

Ẹ ṣí àpẹẹrẹ `IRrecvDumpV2` inú rẹ̀, ẹ fi sórí ẹ̀rọ, ẹ na rìmóòtù sí etí náà láti nǹkan bí ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì. Rìmóòtù LG tó wà ní 24, tí fáànù rẹ̀ wà ní òkè pátápátá, yóò fi irú èyí hàn lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá fi tan ẹ̀rọ:

```
Protocol  : LG2
Code      : 0x880094D (28 Bits)
```

Kóòdù yìí ni mo fẹ́ kí a dúró tì, nítorí pé ọwọ́ lásán tó láti tú u. Ẹ fi `0x` sílẹ̀. Àmì pé òǹkà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi kọ ọ́ lásán ni. Nínú òǹkà náà, lẹ́yìn 9, A jẹ́ 10, B jẹ́ 11, títí dé F tó jẹ́ 15. `88` tó bẹ̀rẹ̀ ni ìdánimọ̀, tó ń sọ pé amúlétutù LG ni à ń bá wí. `0` tó tẹ̀ lé e ni pé kó tàn. `0` kejì ni pé kó máa tutù. `9` ni ìwọ̀n òtútù: a ó fi 15 kún un, á di 24. `4` ni fáànù tó wà ní òkè pátápátá. `D` tó kẹ́yìn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ ro mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ pọ̀, 0 àti 0 àti 9 àti 4, ó jẹ́ 13, 13 sì ni D. Bí àròpọ̀ náà kò bá bá a mu, amúlétutù á gbà pé ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì ní dáhùn.

Nísinsìnyí, ká sọ pé 26 ni oníṣọ́ọ̀bù fẹ́, torí pé ó rọrùn fún owó iná ju 24 lọ. Kò nílò láti tún wá rìmóòtù. 26 dín 15 jẹ́ 11, ìyẹn B. 0 àti 0 àti 11 àti 4 jẹ́ 15, ìyẹn F. Kóòdù rẹ̀ di `0x8800B4F`. Láti pa á, kóòdù LG tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni `0x88C0051`: C ni ó ń sọ pé kó kú, àròpọ̀ C àti 5 sì jẹ́ 17, a yọ 16 kúrò nítorí pé àyè nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà, ó ku 1. Ohun kan tó máa ń da ènìyàn láàmú ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tàn tẹ́lẹ̀, tí a kàn fẹ́ yí òtútù padà, rìmóòtù á fi 8 sí àyè kẹrin: `0x8808B47`. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. 23 ni, bí a bá yọ 16, ó ku 7.

Fífi ránṣẹ́ kò gba ìlà púpọ̀:

```cpp
#include <Arduino.h>
#include <IRremoteESP8266.h>
#include <IRsend.h>

IRsend ir(4);

void setup() {
  ir.begin();
  ir.sendLG2(0x8800B4F, 28);
}

void loop() {}
```

Ẹ má so gílóòbù ẹ́lẹ́dì mọ́ ẹsẹ̀ 4 ní tààrà. Ẹsẹ̀ ESP8266 kò lè gbé ju nǹkan bí mílíámpù 12 lọ, gílóòbù náà sì nílò bí 100 kó tó lè dé òdìkejì yàrá. Tíránsítọ̀ 2N2222 ló ń gbé ẹrù náà: ẹsẹ̀ 4 á gba inú rẹ́sítọ̀ 1,000 wọ ìdí tíránsítọ̀, gílóòbù á sì gba iná fóòtì 5 nípasẹ̀ rẹ́sítọ̀ 33. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó ń tàn, ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù wò ó nígbà tó ń ránṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ elésè àlùkò á hàn. Tí ó bá hàn, tí amúlétutù kò sì dáhùn, kóòdù ló níṣòro, wáyà kọ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni LG àti LG2. Nọ́ńbà inú wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìró tó ṣáájú yàtọ̀: ti LG gùn tó bí 8.5 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ti LG2 kò ju bí 3.2 lọ. Ẹni tó fi `sendLG` ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tó ń retí LG2 lè máa tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òmíràn ni pé kí kọ̀ǹpútà kọ `UNKNOWN`. Nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé `UNKNOWN` kì í ṣe kóòdù, orúkọ tí àkójọ náà ṣẹ̀dá fún ohun tí kò mọ̀ ni, fífi í ránṣẹ́ kò sì wúlò. Ìlà `rawData` ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó to gígùn ìró àti ìdákẹ́, ni kí ẹ dà kọ, kí ẹ sì fi `sendRaw` rán an. A kò lè fi ọwọ́ ṣírò ìyẹn, nítorí náà ipò kọ̀ọ̀kan tí a bá fẹ́ ni a ó kọ́ lọ́tọ̀. Kò yẹ kó dẹ́rù bani: ipò méjì péré ni ṣọ́ọ̀bù wa nílò, títàn ní 26 àti kíkú.

Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ? Ẹ ki ṣájà fóònù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ínfátà kò gbé. Fóòtì 5 rẹ̀ á gba inú rẹ́sítọ̀ 10,000 kọjá, wọ ẹsẹ̀ ESP8266 kan, rẹ́sítọ̀ 15,000 á sì so ẹsẹ̀ náà mọ́ ilẹ̀. Fóòtì 3 ló máa dé ibẹ̀, èyí tí kò lè pa á lára. ESP8266 fúnra rẹ̀ á jẹ iná ínfátà. Bí fóòtì 3 bá kú, ó rán `0x88C0051`. Bó bá padà, kó dúró fún ìṣẹ́jú 5 kó tó tan amúlétutù, torí pé iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń lọ sókè sódò, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà sì nílò bí ìṣẹ́jú 3 ìsinmi kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rọ tí kò ní ẹnu yẹn. Oníbàárà lè dúró síwájú gílóòbù lásìkò tó ń ránṣẹ́, ẹnì kan sì lè fi rìmóòtù gidi pa ohun tí ESP8266 gbà pé ó wà ní títàn. Ẹ fi DS18B20, tó ń wọn ìgbóná, sí ẹnu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, láàárín ìṣẹ́jú 10 atẹ́gùn ibẹ̀ á fi bí 10 tutù ju ti yàrá lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ESP8266 tún kóòdù rán. Lórí LG kò séwu nínú àtúnrán, nítorí pé gbogbo ètò ni kóòdù náà ń sọ. Èyí tó ti tàn, tí a tún ní kó tàn, á wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn amúlétutù kan wà, bíi ti Whirlpool àti Airwell, tí kóòdù wọn ń sọ pé "yí padà" dípò "tàn" tàbí "kú". Lórí irú wọn, àtúnrán kan tí kò yẹ á pa ohun tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ESP8266 ka DS18B20 kó tó rán ohunkóhun rárá.