Owó Ọjà Ọdún: Bí A Ṣe Lè Mọ Oṣù Tí Àpò Yóò Gbẹ

Ẹni tí ó ń ta aṣọ ọdún mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọdún tó dé ni ọjà máa ń yá. L'ẹ́yìn èyí, ènìyàn lè jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ d'alẹ́ kí ó má rí ju oníbàárà méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de Iléyá.

Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a máa ṣe ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde l'óṣooṣù, kí oṣù náà tó dé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ṣí ìwé ọdún tí ó kọjá, a ó sì da ohun tí a tà ní oṣù kọ̀ọ̀kan kọ sí ọdún tuntun. Fún Kérésì, kò burú, nítorí ọjọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń ka ọdún Mùsùlùmí, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣíwájú l'ọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 10 oṣù Épírì ni Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 30 oṣù Máàṣì ni. Ẹni tí ó da ìwé 2024 kọ yóò máa retí owó ní Épírì 2025, nígbà tí ọjà ti tà tán ní Máàṣì. Èyí tí ó burú jù ni pé yóò pẹ́ kí ó tó ra ọjà sílẹ̀. Iye ọ̀sẹ̀ tí ó kù kí ọdún dé ni kí a fi wá ìwé àtijọ́ wò, kì í ṣe orúkọ oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ro ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábọ̀n Gàrì ní ọdún 2025. ₦900,000 ni ó wà l'ọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ Jánúárì. Oúnjẹ ilé, owó ọmọ iṣẹ́, iná àti ọkọ̀ ń gba ₦250,000 l'óṣù. Ní Jánúárì, gbèsè Kérésì àti ọjà díẹ̀ mú ₦350,000 wọlé, owó ilé-ìwé sì gba ₦180,000. Ó ku ₦820,000. Ní Fẹ́búárì, ₦300,000 yóò wọlé, ṣùgbọ́n ọjà ọdún tí a fẹ́ rà jẹ́ ₦1,200,000. Ìwé fi hàn pé owó yóò dín ní ₦330,000, bẹ́ẹ̀ ọdún ṣì wà n'íwájú.

Oṣù yìí gan-an ni a ń wá. Bí a bá ti rí i láti Jánúárì, a lè bẹ oníṣòwò ní Kántín Kwárì kí ó gba ₦800,000 ní Fẹ́búárì, kí a san ₦400,000 tí ó kù ní Máàṣì. Owó tí yóò kù l'ọ́wọ́ yóò wá jẹ́ ₦70,000. Ẹlòmíràn yóò bẹ ẹgbẹ́ èsúsú rẹ̀ kí ipò òun bọ́ sí Fẹ́búárì. Ẹni tí ó bá dúró di ọjọ́ tí ó fẹ́ rajà kò ní rí ẹni gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Ní Máàṣì, ₦2,000,000 ni a tà, ṣùgbọ́n ₦500,000 nínú rẹ̀ jẹ́ àwìn. A kò gbọdọ̀ kọ àwìn sí Máàṣì. Oṣù tí owó bá tẹ̀ wá l'ọ́wọ́ ni kí a kọ ọ́ sí: ₦300,000 ní Épírì, ₦150,000 ní Méè. Ìyókù, kí a kà á sí pé kò ní wá. Gbogbo wa ni a mọ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. L'ẹ́yìn oúnjẹ ilé àti gbèsè ọjà, ₦920,000 ni ó kù ní òpin Máàṣì. Ní Épírì, ₦150,000 ni ọjà mú wá, a sì san owó ṣọ́ọ̀bù, ₦400,000. Ó ku ₦720,000. Ní Méè, ọjà mú ₦200,000 wá, ilé-ìwé gba ₦180,000, ọjà Iléyá sì gba ₦600,000. ₦40,000 péré ni yóò kù.

Ẹ tún ìṣirò náà ṣe bí ẹni pé ọjà Máàṣì fi ìdá mẹ́rin dín. Bí gbèsè náà bá dín bákan náà, ₦152,500 péré ni yóò wà l'ọ́wọ́ ní Méè fún ọjà Iléyá. Ṣùgbọ́n aṣọ tí kò tà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ohun tí a ó rà kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan, kí a kọ iye tí ó wọlé gan-an sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a ti rò, kí a sì tún oṣù tí ó kù kọ. Bí ààwẹ̀ bá pé ogún ọjọ́ tí ọjà kò sì tíì yá, kí a má ṣe ṣe àdéhùn ọjà Iléyá títí a ó fi ka aṣọ tí ó wà n'ílẹ̀.