Ayédèrú oògùn koríko n'Ísẹ́yìn: Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gba ₦66,000 ẹ̀ padà lọ́wọ́ Alájì

Tẹ́ ẹ bá fín oògùn sí koríko, tí koríko náà wá ń dán bíi pé ajílẹ̀ lẹ bù sí i, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ohun tójú ẹ̀gbọ́n mi rí lóko ẹ̀ lọ́nà Òkèhò nìyẹn, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2024. Àgbàdo ló fẹ́ẹ́ gbìn, òjò sì ti ń rọ̀ dáadáa. Ó lọ ra kátọ̀nù oògùn apakoríko kan n'Ísẹ́yìn, ìgò méjìlá ló wà nínú ẹ̀, lítà kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. ₦5,500 ni wọ́n ń tà á nígò, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦66,000. Gláífósétì ni wọ́n kọ sí i lára, èyí tó máa ń gba ara ewé wọlé lọ pa gbòǹgbò. Ó pe lébìrà mẹ́ta, wọ́n fi ìgò mẹ́jọ fín oko. Ọjọ́ kẹrìnlá pé, koríko ò kú.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ṣe pàtàkì o. Gláífósétì tó jẹ́ ojúlówó kì í pa koríko lọ́jọ́ tí wọ́n fín in. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí ọjọ́ méje ni ewé ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàwọ̀ dà, tí yóò máa pọ́n bíi ewé tó fẹ́ẹ́ já. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti máa gbẹ. Ẹni tó bá sáré padà sọ́dọ̀ ọlọ́jà lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á kàn ní kó lọ ní sùúrù, wọn ò sì parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fìbínú lọ bá Alájì tó ta ọjà fún un. Alájì ò bú u, ó kàn bi í léèrè ni. "Ẹ̀gbọ́n, irú omi wo lẹ fi pò ó? Ṣé kì í ṣe omi odò tó ní ẹrẹ̀? Òjò ò sì rọ̀ lé e lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fín in?" Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ìsàlẹ̀ risíìtì, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà.

Kí n má parọ́, ìbéèrè Alájì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Tí omi bá dọ̀tí, ẹrẹ̀ inú ẹ̀ máa ń so mọ́ gláífósétì, kò sì ní í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Tí òjò bá sì rọ̀ láàrin wákàtí díẹ̀ tí wọ́n fín in, á fọ̀ ọ́ kúrò lára ewé. Omi odò ni ẹ̀gbọ́n mi sì lò lóòótọ́! Níbi tó dé yìí, ẹlòmíì á ti gbé ẹ̀jọ́ ẹ̀ lọ sílé. Ohun tó gba ẹ̀gbọ́n mi ni pé ìgò mẹ́rin ṣẹ́ kù nínú kátọ̀nù náà tí wọn ò tíì tú ìdérí ẹ̀, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n tẹ̀ sára wọn sì bá èyí tó wà lára kátọ̀nù mu.

Èmi ló pè. Mo ní kó má fọwọ́ kan ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, kó ya fọ́tò wọn àti fọ́tò oko. A wo ara ìgò. Nọ́ńbà NAFDAC tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A5 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tó, torí ẹni tó lè ṣe ayédèrú oògùn lè da nọ́ńbà kọ. Ohun tó kọ́kọ́ dun èmi ni risíìtì. "Oògùn koríko 12" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ orúkọ oògùn tàbí nọ́ńbà ìpele. Tí kátọ̀nù yẹn bá ti sọnù ni, Alájì lè ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ló ti wá. Ẹyin tẹ́ ẹ ń ra oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí risíìtì lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

Nípa ti "a kì í gbà á padà," òfin ò gbè é. Òfin tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ti ọdún 2018, sọ ní abala 122 pé tí oníbàárà bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà náà ò sì wúlò fún un, ó lè dá a padà láàrin àsìkò tó bójú mu, kó sì gba owó ẹ̀ ní kíkún. Òfin yẹn náà ló sọ pé oníbàárà lè bá ọlọ́jà sọ ọ́ ní tààrà, ó lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó irú ọjà bẹ́ẹ̀, ó sì lè fẹjọ́ sun FCCPC. Ti oògùn oko, NAFDAC ni. Ṣùgbọ́n NAFDAC kì í bá èèyàn gba owó ọjà. Iṣẹ́ tiwọn ni láti yẹ oògùn wò, kí wọ́n sì wá ẹni tó ń pín in kiri.

A ò kọ́kọ́ lọ s'Íbàdàn. Ọ̀dọ̀ alága àwọn tó ń ta oògùn oko lọ́jà yẹn la lọ, torí òun náà ò fẹ́ kórúkọ ọjà bàjẹ́. Àgbà ọkùnrin ni, ó gbọ́ tọ̀tún-tòsì, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Wọ́n tú ìgò kan nínú mẹ́rin yẹn lójú gbogbo wa. Wọ́n ra ìgò mìíràn, irú oògùn kan náà, níbòmíì. Omi bohóòlù ni wọ́n fi po méjèèjì, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò ni wọ́n lò, wọ́n sì fi okùn pín koríko ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Ọ̀rọ̀ omi odò ti kúrò ńlẹ̀ nìyẹn. Òjò náà, tó bá máa rọ̀, orí méjèèjì ni yóò rọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹ̀gbẹ́ kan ti pọ́n, ó ti ń wó lulẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì kàn ṣe bí ẹni tára ẹ̀ ò yá díẹ̀, ewé ìsàlẹ̀ nìkan ló pọ́n. Ìyẹn fi hàn pé kì í ṣe omi lásán ló wà nínú ìgò, wọ́n fi omi là á ni. Bó ṣe máa ń rí níbi púpọ̀ náà nìyẹn. Àwọn olùwádìí kan ra gláífósétì lọ́jà ní Yùgáńdà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 2019: nínú ìgò mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́ta ni oògùn inú ẹ̀ ò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Irú èyí ló ń tan èèyàn jù, àgbẹ̀ á rò pé òun ló fín in díẹ̀, á tún lọ ra sí i.

Alájì ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní òun náà rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì n'Íbàdàn ni, mo sì gbà á gbọ́. Ó gbà láti san gbogbo owó, ₦40,000 lọ́jọ́ náà, ₦26,000 lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n dá gbogbo ìgò tó ṣẹ́ kù padà fóun. Ibẹ̀ lariwo ti tún bẹ̀rẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá padà sórí igbá, àgbẹ̀ míì ló máa rà á. Alága ló yanjú ẹ̀: wọ́n fi bírò fa ìlà gbọọrọ sára ìwé ìgò méjì, Alájì gbà wọ́n láti fi bá ẹni tó tà fún un jà. Ìkẹta, tí wọn ò tíì tú, ẹ̀gbọ́n mi gbé e pa mọ́ pẹ̀lú kátọ̀nù. Èyí tí wọ́n fín lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà wà lọ́dọ̀ alága. Lẹ́yìn tówó pé lọ́wọ́ ẹ̀ tán ló gbé ìgò yẹn lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC n'Íbàdàn, pẹ̀lú lẹ́tà àti ẹ̀dà risíìtì.

Owó lébìrà mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó san án. Òfin fàyè gba kéèyàn béèrè owó òfò náà, àmọ́ ìyẹn di ti kóòtù, ẹ̀gbọ́n mi sì ní àgbàdo láti gbìn. Ó ra oògùn míì, ó tún oko fín, ó gbìn pẹ́ ju bó ṣe rò lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò lóṣù keje, mo bá àwọn ìgò mẹ́jọ tó ti lò lábẹ́ igi. Ó ní ẹnì kan máa ń wá ra òfìfo ìgò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Mo bi í pé kí lẹni náà ń fi í ṣe. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu wọ́n níhò lọ́kọ̀ọ̀kan.