Kó o tó sọ pé "ìkìlọ̀ ìkẹyìn nìyí"

Àwa Ìjẹ̀ṣà la ni Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri, tí ọjọ́ owó bá pé, tí wọn ò rówó gbà, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní í dìde àfi tówó bá jáde. Ṣùgbọ́n ìlóṣòó ló ń kẹ́yìn, òun kọ́ ló ń ṣáájú.

Ohun tí àbúrò mi kan n'Ítagunmódì gbàgbé nìyẹn. Ó ń fi ẹ̀rọ tó ń fa omi háyà fáwọn tó ń wa góòlù. Oníbàárà kan gbé e fún ọjọ́ 12, náírà 15,000 lójúmọ́, àpapọ̀ 180,000. Ó san 60,000, ó ní òun máa san 120,000 tó kù lọ́jọ́ Fraidé. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, àbúrò mi ti fi wọ́ọ̀tsáàpù ránṣẹ́: "Ìkìlọ̀ ìkẹyìn! Ọlọ́pàá á gbé ẹ." Inú bí ọkùnrin náà, kò gbé fóònù mọ́.

Mo sọ fún un pé ìránnilétí ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ìránnilétí gbà pé èèyàn lè gbàgbé, kò sí ẹ̀sùn nínú ẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó ẹ̀rọ tó kù, 120,000, àná ló yẹ kó wọlé. Nọ́ńbà àkáǹtì nìyí." Ó tó láti fi ránṣẹ́ lórí fóònù.

Tí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì bá kọjá láìsí èsì, ó kan lẹ́tà tó ń béèrè gbèsè. Èyí ò gbà pé ó gbàgbé mọ́. Orí ìwé ni kó wà: àdéhùn tẹ́ ẹ ṣe, iye tó san, iye tó kù, ọjọ́ 7 tàbí 14 tó fi máa san án. Jẹ́ kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tìẹ, torí ìyẹn ni ẹ̀rí. Nílé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké l'Ékòó, o ò lè pẹjọ́ láìkọ́kọ́ kọ irú lẹ́tà yìí.

Ẹ̀yìn tí ọjọ́ yẹn bá kọjá ni ìkìlọ̀ ìkẹyìn kàn. Kò gùn: ó tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó dá ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì sọ ohun kan tó o máa ṣe lóòótọ́, bíi pé o máa gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan là ń kọ ọ́. Tó o bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èkíní ti di irọ́ nìyẹn. Má sì fi ọlọ́pàá halẹ̀: òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan.

Àbúrò mi tọrọ àforíjì, ó fi ìránnilétí ránṣẹ́. Owó ò jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó mú lẹ́tà lọ bá a níbi iṣẹ́, ó fún un ní ọjọ́ 7. Lọ́jọ́ karùn-ún, 120,000 wọlé. Kò nílò láti lóṣòó rárá.